Kọ́sítọ́mà ńlá ti lọ: ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó sáré

Bí oníbàárà kan ṣoṣo bá ń mú nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá owó yín wá, tó sì lọ lójijì, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ ṣe ni pé a ó máa sáré kiri láti wá òmíì tó tóbi bíi tiẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Lójú tèmi, wíwá erin mìíràn kọ́ ló kàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìṣirò ló kàn, lẹ́yìn náà ni owó tó wà níta, lẹ́yìn náà ni àwọn tó ti mọ iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, iṣẹ́ àgbàfọ̀. Àbúrò kan tí mo mọ̀ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù àgbàfọ̀ ní Ṣúrúlérè, l'Ékòó. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ládùúgbò ibẹ̀ ló ń kó aṣọ ibùsùn àti táwẹ́ẹ̀lì fún un lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan ni wọ́n pè é pé àwọn ti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ tàwọn, kó má wulẹ̀ wá kó aṣọ mọ́. ₦900,000 ló ń wọlé fún un lóṣù, hòtẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan ló sì ń san ₦630,000 nínú ẹ̀. Èmi àtiẹ̀ jókòó ti ìwé àti bírò. Mo ti sọ iye owó náà di odindi níbí kó lè rọrùn láti tẹ̀ lé.

"Bọ̀dá, níbo ni mo ti fẹ́ rí ₦630,000 oṣooṣù báyìí?" Ìbéèrè tó bi mí nìyẹn. Mo ní kò ní láti rí ₦630,000. Ẹ wo ìdí ẹ̀.

Owó tó ń ná pín sí oríṣi méjì. Èkíní ni èyí tó gbọ́dọ̀ san yálà aṣọ wá tàbí kò wá: owó ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ₦50,000 tá a bá pín in sí oṣù, àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta, ₦70,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦260,000. Èkejì ni èyí tó máa ń bá aṣọ rìn: ọṣẹ, omi, sítáàṣì, epo jẹnẹrétọ̀, láílọ́ọ̀nù, owó ọkọ̀. Nínú gbogbo náírà mẹ́ta tó bá wọlé, náírà kan ló ń lọ síbẹ̀, méjì ló ń ṣẹ́ kù.

Nígbà tí hòtẹ́ẹ̀lì wà, ₦900,000 ń fi ₦600,000 sílẹ̀ lẹ́yìn ọṣẹ àti epo. Tó bá yọ ₦260,000 kúrò, ₦340,000 ló kù fún un. Ní báyìí, ₦270,000 àwọn oníbàárà kéékèèké ló kù. Lẹ́yìn ọṣẹ àti epo, ó di ₦180,000. Tẹ́ ẹ bá wá yọ ₦260,000, ó ń pàdánù ₦80,000 lóṣù.

Ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe ₦630,000 ni ihò yẹn, ₦80,000 ni. Nígbà tó sì jẹ́ pé náírà méjì ló ń kù nínú mẹ́ta, aṣọ tó tó ₦120,000 lóṣù ló máa dí i, kó má pàdánù mọ́. Tó bá tún fẹ́ mú ₦150,000 lọ sílé fún oúnjẹ àti owó iléèwé, á nílò aṣọ ₦225,000 sí i. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦345,000. Ẹni tó bá ń wá ₦630,000 máa lọ kan ilẹ̀kùn àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá fún oṣù mẹ́ta láìrí nǹkan kan. Ẹni tó bá ń wá ₦120,000 àkọ́kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé, tẹ́ ẹ ń ya àwòrán ìpolówó tàbí tẹ́ ẹ ń gé fídíò, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Owó tó ń bá iṣẹ́ yín rìn kò pọ̀, dátà àti iná ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí náà gbogbo owó tí oníbàárà bá gbé lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èrè yín. Àmọ́ ẹ̀yin náà kì í sábà ní owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Ìṣirò kan náà ni, èsì ẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ fi owó ara yín ṣe é.

Lẹ́yìn ìṣirò, owó tó wà níta. Hòtẹ́ẹ̀lì yẹn kì í sanwó lójú ẹsẹ̀, ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa ń san. Ọjọ́ tí wọ́n lé àbúrò yìí, wọ́n jẹ ẹ́ ní owó oṣù kan àtààbọ̀, ₦945,000. Owó yìí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìde sí, torí oníbàárà tó ti lọ kì í kánjú sanwó. Ó kó gbogbo ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tó ń gbé aṣọ lọ jọ, ó kọ ọjọ́ àti iye aṣọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn pé òun fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa san. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé àwọn á pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ó gbà, àmọ́ ó ní kí wọ́n kọ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n san án tán.

Bí wọn ò bá san án ńkọ́? Láti ọdún 2018 ni kóòtù gbèsè kéékèèké ti wà l'Ékòó, lábẹ́ àwọn kóòtù májísíréètì. Gbèsè tí iye ẹ̀ hàn kedere, tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ fún ẹni tó jẹ yín ní lẹ́tà pé kó san owó yín. Tí kò bá san án, ẹ gba fọ́ọ̀mù ní kóòtù. Ẹ lè dúró fún ara yín láìgba lọ́yà, òfin sì ní kí wọ́n dá ẹjọ́ náà láàárín ọjọ́ 60. Kò dájú pé gbogbo ẹ̀ á yá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá dárúkọ kóòtù yẹn máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn rántí gbèsè wọn. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé iṣẹ́ kalẹ̀ láìgba ìfọwọ́sí máa ní ẹnu ní kóòtù, kò ní ní ẹ̀rí.

Tí owó yẹn bá wọlé, ẹ má ṣe kà á sí èrè. Àsìkò ni. ₦80,000 tó ń pàdánù àti ₦150,000 oúnjẹ ilé jẹ́ ₦230,000 lóṣù, ìyẹn ni pé ₦945,000 gbé e fún oṣù mẹ́rin. Òun ló jẹ́ kó lè kọ owó èlé tí wọ́n ń yáni lórí fóònù. Ẹni tó bá yá owó èlé láti fi dí ihò oṣooṣù ti fi owó èlé kún ihò náà ni.

Ó wá kan iṣẹ́ tuntun. Ṣé ẹ mọ ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀? Inú ìwé tó ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà àwọn oníbàárà sí. Àwọn kan ti gbé aṣọ wá rí, wọn ò sì padà wá mọ́. Inú ò bí wọn. Hòtẹ́ẹ̀lì ló gba gbogbo àkókò ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tiwọn a máa pẹ́. Ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi Wásáàpù ránṣẹ́ sáwọn tí kò gbé e. Kò sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì ti lé òun. Ohun tó sọ ni pé: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti ní àyè dáadáa báyìí, tẹ́ ẹ bá gbé aṣọ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó gbà á lọ́jọ́rú." Ìlérí tó lè mú ṣẹ ni, òun ló sì lé wọn lọ tẹ́lẹ̀ tí kò sí. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn wọ̀nyí ń mú ₦150,000 wá lóṣù.

Ó fẹ́ dín owó kù kí èèyàn lè pọ̀. Mo ní rárá o. Ṣẹ́ẹ̀tì kan jẹ́ ₦1,000, ₦330 lọ sórí ọṣẹ àti epo, ₦670 ló kù. Tó bá di ₦800, ọṣẹ àti epo ò dín, ₦470 péré ló máa kù. Èrè tó ń rí lórí ṣẹ́ẹ̀tì 100 tẹ́lẹ̀, ó di ṣẹ́ẹ̀tì 143 kó tó rí i. Iṣẹ́ á pọ̀, ẹ̀yìn á dùn ún, owó ò ní pọ̀.

Lẹ́yìn àwọn ti àtijọ́ ló wá wá àwọn tó wà láàárín: ilé mẹ́ta tí wọ́n máa ń fi háyà fún àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀, tí wọ́n nílò aṣọ ibùsùn tó mọ́ nígbàkígbà. ₦40,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n sì ń sanwó.

Ibi tó dunni ni ti òṣìṣẹ́ kẹta. Torí hòtẹ́ẹ̀lì ló ṣe gbà á. Wọ́n sọ fún un lóṣù kìíní bí nǹkan ṣe rí, ó sì ní oṣù kan gbáko láti wá ibòmíràn kó tó lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní ó yẹ kó dì í mú. Èrò mi ni pé kéèyàn máa fi owó oṣù pa mọ́ fún èèyàn títí tí ṣọ́ọ̀bù á fi tì, kì í ṣe àánú. Àwọn mẹ́ta ni iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn.

Lónìí, ₦540,000 ló ń wọlé. Lẹ́yìn ọṣẹ àti epo, ó jẹ́ ₦360,000. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àti òṣìṣẹ́ méjì, ₦170,000 ló kù fún un. Ìdajì ohun tó ń rí tẹ́lẹ̀ ni, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ tí èyí tó tóbi jù nínú wọn bá lọ lọ́la, nǹkan bí ₦27,000 ló máa gbé lọ.

Hòtẹ́ẹ̀lì mìíràn ti wá sọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí pẹ̀lú iṣẹ́ ₦400,000 lóṣù, tí wọ́n fẹ́ máa san lẹ́yìn ọjọ́ 60. Ọṣẹ àti epo nìkan máa gba nǹkan bí ₦267,000 lápò ẹ̀ kó tó rí kọ́bọ̀. Ìmọ̀ràn tí mo fún un ni pé kó gbà á tí wọ́n bá lè máa san lọ́sẹ̀ méjì méjì, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn á fún un ní oṣù kan kí wọ́n tó dá iṣẹ́ dúró. Kó má ṣe gba òṣìṣẹ́ oṣooṣù torí wọn, kó fi iṣẹ́ náà fún ẹni tó ń gbowó lórí iye aṣọ tó bá lọ̀. Tí wọn ò bá gbà, kó fi sílẹ̀ fún wọn.