Ìparí Ẹ̀kọ́ àti Pípadà sí Gẹ̀ẹ́sì

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn nínú kíláàsì ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bá wa pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó bi ọmọ pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lónìí, ọmọ á gbọn èjìká, á ní wọn ò kọ́ òun ní nǹkan kan. Mo mọ òbí tó ti torí ìdáhùn yẹn mú ọmọ kúrò níbí. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ka owó ata àti tòmátì tán ní Yorùbá ni, kò sì ṣì í.

Ìdí kan wà tí ẹnu ọmọ fi ń wúwo lásìkò yẹn. Ní ọdún 1999, Renata Meuter àti Alan Allport tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà tó gbọ́ èdè méjì. Wọ́n ń fi nọ́ńbà hàn wọ́n lójú ẹ̀rọ, àwọ̀ tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà náà ló sì ń sọ èdè tí wọn yóò fi pè é. Gbogbo wa la ó rò pé bíbọ́ sínú èdè tí èèyàn ò gbọ́ dáadáa ni yóò pẹ́ jù. Òdìkejì ni wọ́n rí. Pípadà sí èdè tó mọ́ wọn lára jù ló pẹ́ jù. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé kí èdè tí kò lágbára tó lè jáde, èèyàn ní láti tẹ èyí tó lágbára mọ́lẹ̀ gan-an, àti pé nígbà tí a bá fẹ́ padà sí i, kì í dìde lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má jẹ́ ká fi èyí ṣe ohun tó ju bó ṣe jẹ́ lọ o. Ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá ni ìdádúró tí wọ́n wọ̀n, orí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Ní 2004, Albert Costa àti Mikel Santesteban dán an wò lára àwọn tó gbọ́ èdè Sípéènì àti Kàtàláànì dáadáa, wọn ò sì rí ìyàtọ̀ yẹn láàárín èdè méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ní Peckham kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń lá àlá. Lójú tèmi, nǹkan kejì tún wà tó ju ti ọpọlọ lọ: ọmọ kò mọ èdè tí a fẹ́ kó fi dá wa lóhùn. Ó ṣì wà nínú yàrá Yorùbá, màmá rẹ̀ sì ti fi Gẹ̀ẹ́sì bi í léèrè. Ẹni tí kò mọ èyí tí yóò mú, dídákẹ́ ló yá a lára.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń pa ẹ̀kọ́ dé ní kedere. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí ní Sátidé tó kọjá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, a ò kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun mọ́. Mo gbé ata rodo sókè, mo ní, “Èló ni?” Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní, “Pọ́ùn méjì ni, Àǹtí.” Mo ní ó wọ́n, ó ní kí n san pọ́ùn kan ààbọ̀. Ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni mo bi í, kí gbólóhùn Yorùbá tí yóò sọ kẹ́yìn lè jẹ́ èyí tó sọ tó gún. Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ gbólóhùn tí a máa ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìyí i padà: “Ẹ̀kọ́ Yorùbá parí. Ẹ máa fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn báyìí.” Mo yí káàdì tó wà lára bọ́ọ̀dù láti ojú aláwọ̀ ewé sí ojú funfun. Mo wá dákẹ́, mo ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn mi.

Yorùbá ni mo fi sọ gbólóhùn ìparí yẹn. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, èmi tíṣà ni mo kọ́kọ́ rú òfin kíláàsì, àwọn ọmọ á sì rò pé ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì, Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn káàdì, èmi náà yí pátápátá. Ibi tí ọ̀pọ̀ tíṣà tuntun ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á ní kí ọmọ máa dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn fúnra wọn á sì máa bá Yorùbá lọ. Ẹ ò rí i pé àìsàn ilé wa gan-an nìyẹn? Ìyá ń sọ Yorùbá, ọmọ ń fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì, títí ọmọ fi di ẹni ogún ọdún. A ò gbọdọ̀ jókòó ní kíláàsì kí a máa kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́yìn káàdì máa ń rọrùn, bíi ta ló ni kóòtù pupa yìí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó kan ìlera àti ààbò: lẹ́tà tí wọn yóò mú délé, ẹ̀pà tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ jẹ, ọ̀nà tí a ó gbà jáde bí agogo iná bá dún. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó bọ́ sí èdè tí ọmọ ń fi ojú inú wá. Bí inú bá ń run ọmọ láàárín ẹ̀kọ́, kó fọwọ́ kan káàdì, kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. A ò ní dúró de ìparí. Mo máa ń mọ̀ pé wọ́n ti padà dé nígbà tí ohùn wọn bá tún ròkè, tí wọn ò wo ojú ara wọn mọ́ kí wọ́n tó dáhùn. Ẹni tó bá ṣì ń sọ Yorùbá nígbà yẹn, a kì í dá a lẹ́kun. Tí wọ́n bá sì ń lọ, “Ó dàbọ̀, Àǹtí” ni, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Ìkíni kì í ṣe ara ẹ̀kọ́, ilé ló ti wá.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ṣe é ní ìdàkejì, kó wo Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, tíṣà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn. Fún wọn, Yorùbá ni èdè tí wọ́n ń padà sí. Lójú mi, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yẹn fúnra rẹ̀ ni káàdì wọn: bó bá ti wọlé, Gẹ̀ẹ́sì dé, bó bá jáde, ó tán. Àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwa ò ní tíṣà méjì fún kíláàsì kan, la fi ń yí páálí.

Ẹ lè ṣe é nílé náà. Ẹ mú ogún ìṣẹ́jú nídìí oúnjẹ alẹ́ fún Yorùbá, kí ẹ sì pa á dé bí ẹ ṣe ṣèlérí. Ọmọ tó mọ̀ pé ó lópin kì í sá fún un bí ọmọ tó rò pé wọn ò ní jẹ́ kí òun mí mọ́.

Ní Sátidé yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ojú funfun yóò fi hàn lára gíláàsì ilẹ̀kùn. Èdè tí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ fi dáhùn ni kí ẹ fi bi í. Ẹ sì má bi í pé kí ló kọ́. Ẹ bi í pé èló ló ta ata rẹ̀.