Ẹ Yé Fi Ojú-Ìwé Méjì Ránṣẹ́ Pọ̀ Sórí Fóònù Wa

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi ìwé Yorùbá àtijọ́ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀. Ìwé tí ẹ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ẹ ya ojú-ìwé méjì pọ̀ sínú àwòrán kan ṣoṣo, ta ni ẹ fẹ́ kó kà á?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìwé kíkà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 13 á di 26 tí ẹ bá ṣí i. Ojú fóònù tí mo dì mú nínú bọ́ọ̀sì 37 láti Peckham sí Brixton kò ju 7 lọ. Lẹ́tà á wá kéré dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá gé àwòrán náà sí méjì, lẹ́tà á ju ìdajì bó ṣe wà nínú ìwé lọ díẹ̀, ojú àgbà ṣì lè bá a yí. Wọ́n á ní, "Ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́." Fẹ̀ ẹ́ kẹ̀! Ẹ fà á sọ́tùn-ún kí ìlà tó parí, ẹ fà á padà sósì kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀sì fò, ìka yọ̀, ẹ ti bá ara yín ní àárín ojú-ìwé kejì.

Àwọn tó gbìyànjú láti gé e ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ń lo àṣẹ kan báyìí lórí kọ̀ǹpútà:

```
mutool poster -x 2 iwe.pdf iwe-gige.pdf
```

Ó yá, ó rọrùn, ó sì ń fi apá òsì ṣáájú bó ṣe yẹ. Àmọ́ àárín gangan ló ń gé, kò mọ ibi tí ìwé ti ṣẹ́. Ìwé kì í sì í jókòó sí àárín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ apá òsì fẹ́lẹ́, apá ọ̀tún nípọn, gbogbo rẹ̀ á máa yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ibi ìṣẹ́po bá yẹ̀ ju àlàfo etí ìwé lọ, ìparí ìlà ojú-ìwé 12 á lọ lẹ̀ mọ́ ojú-ìwé 13.

Ẹ mú ìwé olójú-ewé 96. Ojú-ìwé 1 dá wà, 2 àti 3 jọ wà, títí dé 94 àti 95, 96 náà dá wà: àwòrán 49 nìyẹn. Àṣẹ yẹn á fún yín ní 98, torí ó ti la àwọn tó dá wà náà sí méjì. Ẹ kà wọ́n. Bí kò bá jẹ́ 96, ẹ má tíì fi ránṣẹ́.

Ètò wọn tún wà níbẹ̀. Bí àwòrán bá dorí kodò, ẹ kọ́kọ́ dá a nàró kí ẹ tó gé e. Ẹni tó bá gé e tán kó tó yí i, 13 rẹ̀ á ṣáájú 12. Ìwé tiwa, nọ́ńbà aláìṣẹ́kù, bíi 12, ló máa ń wà lósì. Ẹ wo bíi ibi márùn-ún nínú ìwé, ẹ ó mọ̀. Orúkọ fáìlì náà, ẹ kọ ọ́ ní 001, 002, torí fóònù míì á fi 10 ṣáájú 2.

Èmi ScanTailor ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ní `Split Pages` ó máa ń wá ibi ìṣẹ́po fúnra rẹ̀, ó sì máa ń fa ìlà sí i. Ẹ wo ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi máòsì sún èyí tó bá yẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí inú ti ń bí mi jù rèé. Ní ìparí, tí ẹ bá mú `Black and White`, `Despeckling` á máa gbá ìdọ̀tí kéékèèké kúrò lójú ìwé. Lójú tirẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ ìdọ̀tí ni! Pàápàá nínú ìwé tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣá. Ọkọ á di oko, ìyàwó á máa dúró de oko. Àwọn kan jókòó l'Ékòó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí, ẹ wá fi bọ́tìnnì kan gbá a dànù? Ẹ pa á, tàbí kí ẹ lo `Color / Grayscale`. Fáìlì á wúwo sí i, mo gbà. Kó wúwo. Ẹ wá ṣ kan nínú àwòrán àkọ́kọ́, kí ẹ wò ó bóyá àmì rẹ̀ ṣì wà nínú èyí tí ẹ gé.

Ẹ má sì pa àwòrán àkọ́kọ́ rẹ́. Bí ẹ bá bá máàpù tàbí àwòrán tó nà gba ojú-ìwé méjì kọjá, ẹ má gé ìyẹn rárá. Ẹ fi í sílẹ̀ lódindi sáàárín àwọn yòókù, a ó dá fóònù dùbúlẹ̀ wò ó.