Èlé 3% Tí Kì Í Ṣe 3%: Ó Tó Gẹ́ẹ́ Kí Wọ́n Máa Tan Ayáwó Jẹ

Ká ní obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Tèjúoṣó, ní Yábàá, fẹ́ yá ₦120,000, tí yóò sì san án tán láàárín oṣù 12. Ayánilówó méjì wà níwájú rẹ̀. Ti Mùṣín ní èlé òun jẹ́ 3% lóṣù; ti Súrùlérè ní tòun jẹ́ 4.5%. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sáré gba Mùṣín lọ. Àṣìṣe ńlá sì ni, nítorí owó Súrùlérè ni kò wọ́n. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò èlé ni ó fa ìyàtọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtànjẹ fara pamọ́ sí.

Ayánilówó Mùṣín ń gba èlé lórí gbogbo owó tí ó kọ́kọ́ yọ sílẹ̀, láti oṣù kìíní títí dé ìkejìlá. Èyí ni wọ́n ń pè ní fúláàtì. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦3,600. Ti oṣù 12 jẹ́ ₦43,200. Obìnrin náà yóò san ₦163,200 lápapọ̀, ìyẹn ₦13,600 lóṣooṣù.

Ti Súrùlérè ń gba èlé lórí gbèsè tó ṣẹ́kù nìkan. Ní oṣù kìíní, èlé jẹ́ ₦5,400. Bí obìnrin náà bá san ₦13,160, ₦7,760 yóò yọ kúrò lára gbèsè, yóò ku ₦112,240. Èlé oṣù kejì yóò wá sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí ₦5,050, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa dín kù títí gbèsè yóò fi tán. Gbogbo ohun tí yóò san kò ju nǹkan bí ₦157,920 lọ. Èlé tí wọ́n pè ní 4.5% fi ju ₦5,000 dínwó sí èyí tí wọ́n pè ní 3%.

Kí wá ni iye èlé Mùṣín gan-an? Bí ó bá jẹ́ 3% lóòótọ́ lórí gbèsè tó kù, ₦13,600 lóṣooṣù ì bá ti san gbèsè náà tán nínú oṣù kọkànlá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí yóò mú kí gbèsè náà tán géérégé ní oṣù kejìlá jẹ́ nǹkan bí 5.08% lóṣù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní Excel lórí fóònù lè rí i fúnra rẹ̀:

```
=RATE(12,-13600,120000)*12
```

Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 61% lọ́dún, nígbà tí ayánilówó ń pariwo 36%. Bí ó bá tún yọ ₦2,400 owó ìwé kó tó gbé owó lé obìnrin náà lọ́wọ́, ₦117,600 ni ó gbà ní tòótọ́. Kí a fi iye yẹn rọ́pò ₦120,000 nínú ìṣirò náà, yóò sì kọjá 65%.

Àwọn ayánilówó yóò ní fúláàtì rọrùn fún ọlọ́jà láti lóye. Ó rọrùn láti fi mọ iye tí ènìyàn yóò san lóṣù, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi wé èlé ẹlòmíràn. Wọn yóò tún ní ewu pọ̀ nínú owó yíyá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí ewu bá tó 61%, kí wọ́n pè é ní 61%.

Àwọn baba wa náà mọ èlé tí kì í yí padà. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé owó tí ẹni tó fi í ṣòfà yá, iṣẹ́ náà kì í sì í dáwọ́ dúró títí wọn yóò fi dá owó náà padà. Ìnira wà nínú àṣà yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo owó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó yá a. Obìnrin Tèjúoṣó ń dá apá kan padà lóṣooṣù. Ní oṣù ìkẹyìn, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ₦13,600, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gba ₦3,600 lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ₦120,000 ṣì wà níbẹ̀.

Láti ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí ayánilówó kọ iye èlé ọdún kan tó jẹ́ òtítọ́ sínú ìwé. Òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀rọ̀ tó yé e yékéyéké. 3% fúláàtì kò yé ẹnikẹ́ni yékéyéké. Kí àwọn aláṣẹ fi dandan lé e pé iye èlé ọdún, pẹ̀lú gbogbo owó ìwé nínú rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ hàn lórí ìwé àdéhùn. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, kí ayáwó béèrè ohun mẹ́ta kó tó fọwọ́ sí ìwé: èló ni yóò wọ òun lọ́wọ́, èló ni òun yóò san lóṣù, oṣù mélòó sì ni. Ohun mẹ́ta náà ni yóò fi òtítọ́ hàn án.