Fídíò irun: ṣé ọwọ́ yín ni àbí iná?

Ẹ̀yin onídìrí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, mo fẹ́ràn fídíò yín o, àmọ́ ẹ ń yàn wá jẹ. Kẹ́ ẹ tó dìrun, oníbàárà á wà nínú òkùnkùn, orí wúruwùru. Tẹ́ ẹ bá dì í tán, iná, pọ́dà, ẹ̀rín. Ṣé irun lẹ dì ni àbí iná lẹ tàn?

Ẹ jẹ́ ká fi ṣùkú ṣe é, sẹ́kọ́ńdì 30 péré.

Sẹ́kọ́ńdì 5 àkọ́kọ́: irun tẹ́ ẹ ti fọ̀, tẹ́ ẹ ti yà. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, nítòsí fèrèsé. Àtàrí ni ṣùkú ń kóra jọ sí, iwájú nìkan ò lè fi í hàn. (Ojeikere tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun ní 1968, ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà.)

Sẹ́kọ́ńdì 15 tó tẹ̀ lé e: ọwọ́ yín. Bí òòyà ṣe la ìlà, bẹ́ ẹ ṣe fi irun tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́!

Èyí tó kù: ẹ̀gbẹ́ kan náà, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sún mọ́ etí irun níwájú, láìsí fílítà. Tí awọ orí bá fà, tí kókó wẹ́wẹ́ sú sí ìdí irun, ó ti le jù nìyẹn. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́, irun ibẹ̀ lè má hù mọ́. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un dì kó dẹ̀, kẹ́ ẹ tó ya ìparí fídíò.