Ìgbà Tí Náírà Kọ́kọ́ Já, Gíráàfù Yín Kò Rí I

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ya gíráàfù owó sínú ìwé ìròyìn, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gé e lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì,

Onígbólò, lápá Pobẹ̀, ni mo ti ń kọ̀wé yìí, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ wà. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Séfà ni owó wa, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ ọjà kan, ní Pobẹ̀ tàbí ní Sakétẹ́, tí ẹnì kan kì í béèrè iye tí náírà ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gé gíráàfù kan láti inú ìwé ìròyìn, tí mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì mi. Iye náírà tí ìjọba fi ń ta dọ́là kan ló wà níbẹ̀, láti 1985 títí dé ìparí 2024. Bí ìlà bá ń gòkè, náírà ló ń já wálẹ̀.

Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì náà wò ó títí, ó wá ní: “Tísà, ṣé owó Nàìjíríà kò já rí kí 2023 tó dé ni?”

Mi ò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. Ohun tó rí ló sọ. Lórí bébà yẹn, ìlà náà nà gbọọrọ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún bí ẹní tí wọ́n tẹ́, ó gbórí sókè díẹ̀ ní 2016, nígbà tó sì di 2023 ó fò sókè bí òkò kànnàkànnà. Bẹ́ẹ̀ epo pupa ni ìyá mi ń tà fún àwọn oníbàárà tó ń gba Ìdìrókò wọlé. Náírà ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀, inú agolo bisikíìtì ló sì ń kó o sí. Ní 1986 àti 1987 ni mo rí i tó kó owó agolo náà jáde, tó kà á lẹ́ẹ̀mejì, tí iye rẹ̀ pé, tí kò sì tó ra ohun tó tìtorí rẹ̀ kó o jọ. Ọdún méjì yẹn kò sí lórí gíráàfù yín. Ẹ kò yọ ọ́ kúrò o. Ọ̀pá ìwọ̀n tí ẹ lò ni kò jẹ́ kó hàn.

Mo mú rúlà, mo sì wọn án pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan, nǹkan bíi kọ́bọ̀ 89 ni. Ní 1987 ó ti di nǹkan bíi náírà 4. Ní 1993 ìjọba pè é ní 22, ní 1999 ó di nǹkan bíi 92. Kí oṣù kẹfà 2023 tó wọlé, ó wà ní nǹkan bíi 460, nígbà tí 2024 sì parí ó ti tó 1,535. Ọ̀pá tí ẹ lò gùn ní 20 sẹ̀ǹtímítà fún 2,000 náírà, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún náírà. Láti 1985 dé 1999, ìlà náà kò gòkè tó sẹ̀ǹtímítà kan. Láti 2023 dé ìparí 2024, ó gòkè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láàárín 1985 sí 1999, dọ́là gbówó lórí ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ. Láàárín 2023 sí 2024, kò tó ìlọ́po mẹ́rin.

Ọ̀pá ìwọ̀n yẹn, ìfikún ló ń kà: náírà márùn-ún tó lé ni náírà márùn-ún, ibi yòówù kó ti lé. Ṣùgbọ́n owó kì í já báyẹn. Ẹni tó fi náírà pamọ́ nígbà tí dọ́là jẹ́ 1, tó wá di 4, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ní ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi pamọ́ nígbà tó jẹ́ 400, tó wá di 1,600, ohun kan náà gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí i. Lórí ọ̀pá ìfikún, ti èkíní kò kọjá mìlímítà kan, ti èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjìlá.

Ọ̀pá tó yẹ iṣẹ́ yìí ni èyí tó ń ka ìlọ́po, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní lọgarítímù. Kò le láti ṣe. Nínú Excel tí a ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ibi kan ṣoṣo ni a máa tẹ̀, ibi tí wọ́n kọ `Échelle logarithmique` sí. Èmi àti àwọn ọmọ kò tilẹ̀ lo ẹ̀rọ. A fa ìlà sórí bébà, a kọ 0.1, 1, 10, 100, 1,000 àti 10,000 sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, a sì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin mẹ́rin sáàárín wọn. Lórí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tó bá di ìlọ́po mẹ́wàá yóò gòkè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Ohunkóhun tó bá di ìlọ́po méjì yóò gòkè ní 1.2, ìbáà jẹ́ láti 1 sí 2, láti 50 sí 100 tàbí láti 700 sí 1,400. Mo fi séfà tiwa ṣe àpẹẹrẹ fún wọn: ní oṣù kìíní 1994, fránkì Faransé kan tí à ń fi séfà 50 rà di séfà 100 lóru ọjọ́ kan. Sẹ̀ǹtímítà 1.2 náà ni. Àwọn òbí wọn rántí òru yẹn dáadáa.

Nígbà tí a to náírà sórí bébà tuntun yìí, ohun tó ti sọnù jáde. Láti 1985 dé 1999, ìlà gòkè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ. Láti 2023 dé ìparí 2024, ó gòkè ní sẹ̀ǹtímítà méjì ó lé díẹ̀. Ẹ má ṣe gbà pé èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ 2023 kéré. Gíga ìlà ń sọ iye ìlọ́po, àmọ́ bí ó ṣe dagun tó ló ń sọ bí ìlọ́po náà ṣe yá tó. Ọdún mẹ́rìnlá ni ti àkọ́kọ́ gbà, oṣù mọ́kàndínlógún péré ni ti ìkejì. Nítorí náà mo ní kí ọmọbìnrin yẹn gbé rúlà lé abala 1985 sí 1987 nìkan, kó fà á lọ sórí abala 2023 sí 2024 láì yí i. Rúlà náà bá a mu, àfi bí ẹni pé ìlà kan náà ni. Ní ìgbà méjèèjì, nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ni dọ́là ń gbà láti di ìlọ́po méjì. Ohun tí ìyá mi rí nínú agolo ní 1987, òun náà ni ọlọ́jà Ìdìrókò rí ní 2024, pẹ̀lú eré kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kan nínú yín ti ń lo ọ̀pá ìlọ́po, ẹ kàn ń dákẹ́ nípa rẹ̀ ni. Ìyẹn náà ń dùn mí. Ọmọ kan náà yìí, mo ní kó ka ibi tí 2024 parí sí lórí bébà wa. Àmì náà fi mìlímítà méje ó lé díẹ̀ ga ju ìlà 1,000 lọ. Ó ṣírò rẹ̀ bí a ti kọ́ ọ: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin dúró fún 9,000, nítorí náà 0.74 yóò jẹ́ 1,665, kó fi 1,000 kún un, ó di 2,665. Ìṣirò rẹ̀ kò ní àbùkù, ọ̀nà tó gbà ni kì í ṣe ti ọ̀pá yìí. Láàárín ìlà méjì, àwọn nọ́ńbà kì í jìnnà síra dọ́gba. Láti 100 sí 1,000, sẹ̀ǹtímítà 1.2 ni 200 wà, 500 wà ní 2.8, agbedeméjì gan-an sì jẹ́ nǹkan bíi 316, kì í ṣe 550, nítorí pé iye ìgbà tí 316 fi ju 100 lọ ni 1,000 náà fi ju 316 lọ. Bí ó ṣe yẹ kó kà á nìyí:

```
1000 × 10^(0.74 ÷ 4) ≈ 1,531
```

Náírà mẹ́rin tó kù, ojú rúlà ló jẹ ẹ́. Bí ẹ bá fa àwọn ìlà tín-ín-rín 200, 300, 400 títí dé 900 sáàárín, tí wọ́n ń há bí wọ́n ṣe ń gòkè, ẹni tí kò mọ lọgarítímù rárá yóò rí i pé ọ̀pá yìí yàtọ̀, yóò sì kà á bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹ kò bá ní kó fà wọ́n.

Ẹ má sì fi ọ̀pá ìlọ́po ya àwọn igi gbọọrọ tí à ń tò dúró láti fi gíga wọn wéra. Igi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ọ̀pá yìí kò sì ní òdo: ẹ lè máa fi mẹ́wàá pín nǹkan títí láé, kò ní di òdo. Bí a bá gbé ìdí igi lé 0.1, igi 1999 yóò ga ní sẹ̀ǹtímítà 11.9, igi 460 ti 2023 yóò ga ní 14.7, ẹni tó ń wò ó yóò ní ó fi díẹ̀ jù ú lọ. Bí a bá gbé ìdí wọn lé 10, yóò dà bí ẹni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po márùn-ún ni ní tòótọ́. Ìlà tàbí àmì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ lò.

Ohun kan wà tí ọ̀pá kankan kò lè tún ṣe. Láti 1993 dé 1998, ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí 22, ní 1999 ó wá fò dé 92, ìlọ́po mẹ́rin ó lé. Iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ ni 22 yẹn. Kí 1998 tó parí, ẹni tó fẹ́ ra dọ́là lọ́jà ti ń san ju 80 náírà lọ. Náírà kò já tó bẹ́ẹ̀ ní 1999, ìwé ìjọba ló wá bá ọjà níbi tó ti ń dúró dè é. Bí ẹ bá ń ya ọdún wọ̀nyẹn, ẹ fi iye ti ọjà sí ẹ̀gbẹ́ ti ìjọba, tàbí kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé iye oṣù mẹ́ta péré lẹ fẹ́ fi hàn, tí náírà kò kúrò láàárín 1,500 sí 1,600, ọ̀pá ìfikún ti tó. Ìlọ́po kò tíì hàn níbẹ̀.

Mo ti já gíráàfù yín kúrò lára ògiri. Èyí tí àwọn ọmọ fi ọwọ́ yà ló wà níbẹ̀ báyìí, a kọ ọ́ sí etí ọ̀pá pé sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, a sì fi kálámù pupa kun abala méjì yẹn tó dagun bákan náà. Bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ tiyín jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Èmi ni tiyín, olùkọ́ ìṣirò kan ní Onígbólò.