Ìjòyè Kì í Jókòó Sórí Ìtẹ́ Ọba: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Tí Ń Kọ Ìtàn Oyè Kétu

Àrùn méjì ni ó ń bá àwọn ọmọ Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ tí ń kọ ìtàn oyè baba wọn sílẹ̀ jà lóde òní. Èkíní ni ti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ àríwísí rárá. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá ti tako ìtàn ilé rẹ̀, àlejò tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni yóò pè é, ẹjọ́ sì ti parí. Èkejì ni ti ẹni tí ó fi èrò ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó pe àwọn ọ̀mọ̀wé wọlé kí wọ́n wá jẹ́rìí, tí àwọn ẹlẹ́rìí sì gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Nígbà tí ìwé náà bá fi máa dé ìparí, òǹkàwé ti mọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti Lọ́ńdọ̀nù wí àti ohun tí ti Ìbàdàn wí, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ẹni tí ó kọ ìwé náà gbàgbọ́.

Gbogbo ènìyàn ni ó ń bá ẹni àkọ́kọ́ wí, ó sì tọ́. Ẹni kejì ni wọ́n ń yìn, nítorí pé àìsàn rẹ̀ jọ ìmọ̀. Òun gan-an ni ó yẹ kí a bá wí jù. Ẹni tí ó kọ etí dídi sí àríwísí ṣì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí ènìyàn lè yẹ̀ wò. Ẹni tí ó fi ẹnu rẹ̀ yá àwọn ẹlòmíràn kò sọ ohun kan tí a lè gbà tàbí kọ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ Faransé ní ọwọ́ nínú àrùn yìí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ni àròkọ máa ń ní: apá kìíní yóò gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, apá kejì yóò takò ó, apá kẹta yóò sì làjà. Ìlànà tí ó mọ́gbọ́n dání ni, ó sì ti tọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba sọ́nà. Ṣùgbọ́n nínú ọwọ́ ẹni tí kò gbójú, ó máa ń fi ìdámẹ́ta ìwé fún alátakò láìsí ẹni tí ó dá a lóhùn. Nígbà tí ó bá sì kan ìlàjà, òǹkọ̀wé á ní òtítọ́ wà láàárín méjèèjì. Ìlàjà kò dọ́gba pẹ̀lú ìdájọ́. Nínú ààfin, ìjòyè a máa sọ tẹnu rẹ̀, ọba a sì máa gbọ́, ṣùgbọ́n ọba ni yóò dá ẹjọ́ náà. Bákan náà ni ó yẹ kí ó rí nínú ìwé.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kan Kétu gbọ̀ngbọ̀n. Ká sọ pé ọmọ Kétu kan fẹ́ kọ̀wé láti fi hàn pé ọ̀dọ̀ Ifẹ̀ ni oyè Alákétu ti wá tààrà, pé kì í ṣe ẹ̀ka oyè Ọ̀yọ́. Ẹ̀rí tí ó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ìtàn tí Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Nínú ìtàn náà, nígbà tí wọ́n pín ogún, Alákétu ni ó jogún àwọn adé, Oníṣábẹ jogún ẹran ọ̀sìn, Olúpópó jogún ìlẹ̀kẹ̀. Inú ọmọ Kétu wo ni kò ní dùn sí èyí? Àìmọye ọ̀rọ̀ ìkíni níbi ayẹyẹ ni ó ti fi adé yẹn bẹ̀rẹ̀.

Alárìíwísí yóò dìde níbẹ̀. Ní ọdún 1973, Robin Law kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ogún Odùduwà, ó sì ṣàlàyé pé àwọn ìlú a máa lo irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láti jà fún ipò ara wọn. Ó yẹ kí òǹkọ̀wé sọ àtakò yìí bí ó ṣe lágbára tó, kí ó má ṣe dín agbára rẹ̀ kù kí ó lè rọrùn láti bì ṣubú. Agbára rẹ̀ sì pọ̀. Johnson fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni òun ti gba ìtàn. Nínú ìtàn ogún yẹn kan náà, ilẹ̀ ni ó kù fún Ọ̀rányàn, baba àwọn Aláàfin. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù ń gbé, òun ni ó di olúwa wọn. Ọwọ́ tí ó fi adé fún Alákétu ni ó fi gba ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ìtàn adé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ti gbé ìtàn ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì lè mú ọ̀kan kí ó fi èkejì sílẹ̀.

Níbí, gbígbà ni ó tọ́, kí ó sì jẹ́ gbígbà tí ó ná onítọ̀hún ní nǹkan. Òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ yọ ìtàn adé kúrò nínú òpó tí ó gbé ilé rẹ̀ ró. Gbígbà tí kò mú nǹkan kan kúrò nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ìkíni lásán ni. Bí ènìyàn bá kọ pé ọ̀mọ̀wé náà ní ẹ̀tọ́, tí ó wá padà lo adé yẹn ní ojú ìwé tí ó tẹ̀ lé e, kò tíì gba nǹkan kan.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ó gbà pátápátá ni ọ̀rọ̀ nípa ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ka iye ọba, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ọ̀nà ìṣirò: ọba 40, ọdún 20 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di ọdún 800. Ní ọdún 1974 David Henige tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ewu tí ó wà nínú irú ìṣirò yìí hàn. Kétu fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Láàárín ìdílé ọba márùn-ún ni oyè ti ń yí, ọmọ kì í tẹ̀ lé baba lórí ìtẹ́, nítorí náà ọdún ìran kan kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n ìjọba kan. Bí ẹnì kan bá fi ọdún 12 dípò 20, ọdún 480 ni yóò rí, òǹkà náà sì fi ọdún 320 yàtọ̀. Ẹ tún wo ogun Dàhómì tí ó tú Kétu ní ọdún 1886: ìlú di ahoro títí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Bẹ̀hánsìn. Òǹkà tí ó ń pín ọdún dọ́gba-dọ́gba kò mọ̀ pé irú àkókò bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kókó òǹkọ̀wé kò ṣubú. Ibi tí oyè ti wá ni ó ń wí, kì í ṣe ọdún tí ó dé. Ó lè fi ọdún sílẹ̀ láìfi Ifẹ̀ sílẹ̀.

Àtakò mìíràn wà tí gbígbà nìkan kò tó fún, tí kíkọ̀ sì jẹ́ àìṣòótọ́. Àwọn kan ní ènìyàn ti wà lórí ilẹ̀ náà kí àwọn ará Ifẹ̀ tó dé, nítorí náà ìtàn Ifẹ̀ kò ju ìtàn ìdílé kan lọ. Ìtàn Kétu kò sé èyí mọ́ra: nígbà tí Ẹdẹ dé, ìyá arúgbó kan tí wọ́n bá níbẹ̀ ni ó fún wọn ní iná. Ìdáhùn tí ó yẹ ni ààlà. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ará ìlú kan ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè ni ọ̀rọ̀ dá lé, kì í ṣe gbogbo ènìyàn tí ń jẹ́ ọmọ Kétu. Dípò kí òǹkọ̀wé kọ pé Kétu ti Ifẹ̀ wá, kí ó kọ pé ìdílé tí ń jọba ní Kétu ti Ifẹ̀ wá. Kókó náà kéré sí ti àtijọ́, ó sì le ju ti àtijọ́ lọ láti wó. Alárìíwísí ni ó ràn án lọ́wọ́, síbẹ̀ kókó ṣì jẹ́ ti òǹkọ̀wé.

Ó wá ku àtakò tí ó yẹ kí ó kọ̀. Àwọn kan máa ń ti ibi tí Law dúró sí kọjá, wọ́n á ní bí ìtàn ogún bá jẹ́ ti Ọ̀yọ́, a jẹ́ pé láti Ọ̀yọ́ ni Kétu ti yá gbogbo ìtàn Ifẹ̀. Kíkọ̀ èyí kò nílò ìbínú, ẹ̀rí ni ó nílò. Nínú ìwé Johnson, ọmọ-ọba obìnrin ni ìyá Alákétu, ọ̀rọ̀ ìrìn àjò rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Nínú ìtàn Kétu tí Parrinder kó jọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1956, Ṣópásán ni ó kó àwọn ènìyàn kúrò ní Ifẹ̀, wọ́n gba Òkè Ọyán, wọ́n jókòó sí Àró, kí Ẹdẹ tó wá kó wọn dé Kétu. Kò sí pínpín ilẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí gbólóhùn kan tí ó ṣe Ọ̀yọ́ ní àǹfààní. Olóyè kan wà, Bàbá Ẹlẹ́gùn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ka ìtàn náà nígbà tí ọba tuntun bá ń jẹ. Ẹni tí ó bá yá ìtàn kì í fi ohun tí ó ṣe ẹni tí ó yá a ní àǹfààní sílẹ̀ kí ó wá fi orúkọ ibi tí onítọ̀hún kò dárúkọ kún un.

Ṣùgbọ́n kíkọ̀ náà ní ààlà tirẹ̀. Láti ìgbà tí ìwé Parrinder ti jáde, ẹni tí ń ka ìtàn lónìí lè ti ka ìwé tàbí gbọ́ láti ẹnu ẹni tí ó kà á. Ẹ̀rí tí a bá gbà sílẹ̀ lọ́dún yìí tí ó bá ìwé mu láìyẹ̀ lè jẹ́ ohùn ìwé tí ó padà wálé. Ohun tí kò sí nínú ìwé kankan, bí oríkì ìdílé tàbí orúkọ ojúbọ ọ̀nà àjò, ni ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ lọ gbà lẹ́nu àgbà kí ó tó pẹ́ jù.

Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ mọ̀ bóyá alárìíwísí ti gorí ìtẹ́ òun, kí ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́ inú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí púpọ̀ nínú wọn bá fi orúkọ ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ìtẹ́ ti bọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó bo gbogbo gbólóhùn tí ó ń sọ tẹnu ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, kí ó ka èyí tí ó kù. Nínú àpẹẹrẹ Kétu yìí, ohun tí yóò kù ni pé ìdílé tí ń jọba ní Kétu ti Ifẹ̀ wá, pé ìtàn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò gba ọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, àti pé adé inú ìwé Johnson kò sí lára ẹ̀rí náà. Kò gùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ lè dúró tì í. Bí kò bá sí ohun tí ó kù, kí ó tọ́jú bíro náà sápò, kí ó lọ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó gbàgbọ́.