Ihò Àárín Páálí: Ẹ̀rí Kan Tí Ẹ Lè Fi Sísọ́ọ̀sì Gé Nílé

Ìṣirò ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, torí àwọn ọmọ wa tó ti dàgbà ní sẹ́kọ́ńdìrì lè bá irú ìbéèrè yìí pàdé: "Fi hàn pé agbedeméjì oníròpọ̀ nọ́ńbà méjì tó ju òdo lọ kò lè kéré sí agbedeméjì onísọdipúpọ̀ wọn." Orúkọ yẹn ló le, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ò le.

Ẹ jẹ́ ká mú 4 àti 9. Tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, tí ẹ pín in sí méjì, ẹ ó rí 6.5. Agbedeméjì oníròpọ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá ṣe 4 lọ́nà 9, ẹ ó rí 36. Nọ́ńbà wo ló jẹ́ pé tí a bá ṣe é lọ́nà ara rẹ̀, yóò di 36? 6 ni. Òun là ń pè ní gbòǹgbò 36, òun náà sì ni agbedeméjì onísọdipúpọ̀. Lóòótọ́, 6.5 ju 6 lọ.

Ọmọ mi obìnrin ní, "Dádì, mo ti dán ogún nọ́ńbà wò, gbogbo ẹ̀ ló bá a mu." Mo ní, "O ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ló ṣe onídùúró fún ìkọkànlélógún?" Àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí gbọ́dọ̀ kó gbogbo nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ gé páálí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 9, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ 4. Ẹ tẹ́ ọ̀kan ní ìbú sí igun òkè lápá òsì. Ẹ gbé èkejì dúró ní òòró lápá ọ̀tún rẹ̀, kí orí wọn dọ́gba. Ẹ tẹ́ ẹ̀kẹta sábẹ́ èkejì, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn dọ́gba. Ẹ gbé ẹ̀kẹrin dúró sí àlàfo tó kù lápá òsì. Ẹ ó rí onígun mẹ́rin ńlá kan tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba ní 13, tó ní ihò láàárín. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà jẹ́ 9 yọ 4, ìyẹn 5.

Ẹ wá kà á. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 13 lọ́nà 13, ìyẹn 169. Páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 4 lọ́nà 36, ìyẹn 144. Ihò jẹ́ 25. Ó pé géérégé. Tí a bá pe gígùn páálí ní a, tí a pe ìbú rẹ̀ ní b, ohun tí a rí nìyí:

```
(a + b)² = 4ab + (a − b)²
```

Ihò ò lè kéré ju kó má sí rárá lọ. Nítorí náà:

```
(a + b)² ≥ 4ab
a + b ≥ 2√(ab)
(a + b)/2 ≥ √(ab)
```

Ó tán. Ìgbà wo wá ni méjèèjì máa dọ́gba? Àfi ìgbà tí ihò bá dí pátápátá, ìyẹn nígbà tí a àti b bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, bíi 6 àti 6.

Ibi tí máàkì ti ń sọnù rèé. Ọmọ á kọ ohun tó yẹ kó fi hàn sókè ìwé bíi pé ó ti dájú, á ṣe é síwá sẹ́yìn títí á fi dé (a − b)² ≥ 0, á wá kọ ọ́ pé òun ti parí. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gbéra láti inú irọ́ kó sì gúnlẹ̀ sínú òótọ́: ẹ kọ −3 = 3, ẹ ṣe apá kọ̀ọ̀kan lọ́nà ara rẹ̀, ó di 9 = 9. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ lórí bébà tó fẹ́ jù nù, kò burú. Nínú ìwé ìdánwò, láti ìsàlẹ̀ ni kó ti dà á kọ lọ sókè, kó sì rí i pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣeé gbà padà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí nọ́ńbà náà ju òdo lọ? Ẹ dán −4 àti −9 wò. Agbedeméjì oníròpọ̀ wọn jẹ́ −6.5, àmọ́ gbòǹgbò 36 ṣì jẹ́ 6. Ọ̀rọ̀ ti dàrú! Ìlà àkọ́kọ́ ṣì dúró, torí 169 ṣì ju 144 lọ. Ibi tí a ti mú gbòǹgbò ló ti já: gbòǹgbò 169 jẹ́ 13, kì í ṣe −13.

Tí ọmọ yín bá gbé ẹ̀rí rẹ̀ wá, ẹ bi í léèrè méjì péré: "Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀? Ìlà wo lo ti lò ó pé wọ́n ju òdo lọ?" Tó bá fi ìka tọ́ka sí ibi méjèèjì, ó yé e nìyẹn.